Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, n kò mọ̀ pé òye rẹ̀ kò tíì yé mi tán títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ kékeré kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín kíláàsì. Nípa ẹ̀rọ náà, àti nípa lẹ́tà méjì tí mo fi orí ẹ̀rọ ayélujára kọ sí ẹni tí ó tà á fún mi, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ. Lẹ́tà kìíní jẹ́ ti ẹni tí inú ń bí. Kò mú ohun kan wá bí kò ṣe ẹ̀gàn. Èkejì jẹ́ ti ẹni tí ó ń rojọ́.

Ní ọdún 1996, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo gba ohùn bàbá ọdẹ kan sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ìjálá ni bàbá náà ń sun fún mi, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá ti di ará ọ̀run báyìí, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo mọ̀ tí ó lè ki ẹfọ̀n bí ó ti kì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, mo kó ohùn inú rẹ̀ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohùn fóònù kò lè dé etí ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́, yàrá tí mo sì ti ń kọ́ wọn, ọjọ́ tí iná ń wà níbẹ̀ kò tó ọjọ́ tí kì í sí. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti ra ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí ó ń lo bátìrì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sípíkà. Mo rí ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà (₦38,500), mo sì san ₦2,500 lé e fún owó tí wọn yóò fi gbé e wá sílé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí olùkọ́ ń gbà lóṣù yóò mọ̀ pé owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó tí a ń sọ nù kí a má wẹ̀yìn.

Bí ó bá jẹ́ inú ọjà ni mo ti rà á, ó ní bí à á ti í ṣe é. Ní ọjà wa, ẹni tí ó fẹ́ ra rédíò yóò ní kí wọ́n tan án kí òun gbọ́. Yóò gbé e sókè, yóò yí i po, yóò fetí sí i. Bí ó bá dé ilé tí ó rí i pé ọjà náà kò dára, ó mọ ìsọ̀ tí yóò padà sí. Bí olówó ìsọ̀ bá ń jiyàn, àwọn tí ó pa àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò dá sí i. Bí wọn kò bá lè parí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dé iwájú ìyálọ́jà. Gbogbo wọn yóò rí ọjà, wọn yóò rí ẹni tí ó rà á, wọn yóò sì rí ẹni tí ó tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ni ó rà. Bí ìjà bá dé, kò sí ìsọ̀ tí yóò lọ dúró sí, kò sì sí aládùúgbò tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ọjà, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àti gẹ́gẹ́ bí ẹnu rẹ̀. Èyí ni ohun tí n kò mọ̀ nígbà tí mo kọ lẹ́tà kìíní.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2025, ni ọmọkùnrin kan fi alùpùpù gbé sípíkà náà dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ṣáàjì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó bá a wá ti wí. Ìwé náà sọ pé yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá bí a bá ti ṣáàjì rẹ̀ kún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí mẹ́rin ni ó lò kí ó tó dákẹ́. Mo ní bóyá n kò ṣáàjì rẹ̀ tó. Mo tún un ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, mo fi í sára iná láti òru, mo sì gbé e lọ sí kíláàsì.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni bàbá ọdẹ fi bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ti kọjá ìbà, ó ti wọ inú oríkì ẹfọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè lọ sí ibi tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni sípíkà bá ké pí-ín, ó sì dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ọmọbìnrin kan níwájú dá mi lóhùn pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ó fara jọ ẹ̀rín pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, bóyá bàbá ti rẹ̀." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó jẹ́ ọjọ́ keje sí ọjọ́ tí ó wọlé mi, sípíkà náà kò tan rárá.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ni mo jókòó kọ lẹ́tà kìíní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo pe òǹtajà náà ní gbájúẹ̀. Mo ní ẹ̀san ń bọ̀. Mo fi òwe mẹ́ta gún un lára, mo sì parí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi àti oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé oyè náà jẹ́ ẹ̀rí. Ó gùn tó ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì dé. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: wọ́n bá mi kẹ́dùn, iná ilé mi ni ó ba sípíkà náà jẹ́, ìdánilójú tí àwọn ṣe lórí ọjà àwọn kò sì kan ohun tí iná bá bàjẹ́.

Inú bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ni ó sọ fún wọn pé iná ni? Wọn kò rí sípíkà náà, wọn kò gbé e yẹ̀ wò. Mo gbé lẹ́tà mi àti èsì wọn lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin. Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó kà á tán, ó sì wò mí.

Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, mo rí èébú níbí. Níbo ni ẹjọ́ wà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò rí i pé wọ́n parọ́ mọ́ mi ni?"

Ó ní, "Mo rí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ra ọjà fún wọn? Ṣé ẹ sọ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ sanwó? Ṣé ẹ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe àti ohun tí kò ṣe mọ́? Kí ni ẹ tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣe fún yín? Ẹ kò fún wọn ní ohun kan tí wọn yóò dì mú. Ni àwọn náà bá fún yín ní èsì tí wọ́n ń fún gbogbo ayé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wo lẹ́tà mi, òtítọ́ sì ni: nínú ojú ewé kan àti ààbọ̀, n kò sọ ọjọ́ kan, n kò sọ iye owó, n kò sì béèrè ohunkóhun. Mo rò pé mo ń ro ẹjọ́, ìbínú mi ni mo ń ròyìn.

Nígbà tí mo padà délé, mo pinnu pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí tí n óò fi mọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní òpópónà wa tí ó ń tún fóònù àti rédíò ṣe. Mo gbé sípíkà náà lọ bá a. Kíá ni ó ti mú ohun èlò rẹ̀ láti tú ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bátìrì ni. Ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn sí i, kò ní gbà yín ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ." Ìmọ̀ràn náà wù mí, nítorí kíláàsì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ń dúró. Ṣùgbọ́n mo rántí pé tí a bá tú ẹ̀rọ náà, òǹtajà yóò ní àwa ni a bà á jẹ́ nígbà tí a ń tú u, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó má tú u. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi ní bí a ṣe lè mọ àìsàn rẹ̀ láìṣí i, mo sì sanwó ìmọ̀ràn fún un.

Ohun tí ó kọ́ mi kò le. A kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó ń gbóná tàbí ó wú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó bá ti wú kò yẹ ní ohun tí a tún ń fi sára iná, nítorí ó lè gbiná. Ti tèmi kò wú. A pààrọ̀ wáyà, nítorí wáyà tí ó já nínú lè jẹ́ kí ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ti kú. A pààrọ̀ ṣájà. A fi fóònù mìíràn bá a sọ̀rọ̀, kí a má baà di ẹ̀bi fóònù lé sípíkà lórí. Pẹ̀lú wáyà tuntun àti ṣájà tuntun, iná pupa kékeré tàn lójú rẹ̀, ìjálá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo yí ohùn náà sókè, ó kú. Mo tún un tàn. Mo fà wáyà yọ, ó kú lójú ẹsẹ̀. A ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bákan náà ni ó rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ó bá jẹ́ pé apá tí ó ń mú ohùn jáde ni ó bàjẹ́, kì bá tí dún rárá, yálà wáyà wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Nígbà tí ó ti lè dún níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń bọ́ ọ láti ìta, tí ó sì ń kú nígbà tí a bá já iná náà, bátìrì ni kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí ohùn bá sì ròkè, agbára tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ máa ń pọ̀ sí i lójijì. Bátìrì tí ara rẹ̀ le ni ó máa ń fún un. Èyí tí kò lágbára yóò rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì kú. Wákàtí mẹ́rin, wákàtí kan àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá: àìsàn kan náà ni ó ń pọ̀ sí i.

Ti iná ilé mi ńkọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì lò ó. Sípíkà náà kì í mu iná láti ara ògiri. Ṣájà ni ó ń gba iná ilé, tí ó sì ń sọ ọ́ di fóólìtì 5 péré kí ó tó dé ara sípíkà. Ìwé tí ó bá ọjà náà wá béèrè ṣájà fóólìtì 5 àti áḿpì 2. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ṣájà mi gan-an nìyẹn. Bí iná bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, ṣájà ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Ṣájà náà ṣì wà, ó ṣì ń ṣáàjì fóònù mi lójoojúmọ́. Ìkùnà inú lẹ́tà kìíní ni pé mo ní ẹ̀rí yìí nínú ilé, mo sì fi òwe ránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, mo kọ lẹ́tà kejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí yóò ti rí ní èdè wa nìyí:

"Ẹ̀yin òǹtajà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra sípíkà kan lọ́dọ̀ yín ní ₦38,500. Nọ́ńbà ìrajà náà àti nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ wà nínú àwòrán tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Ó dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin; ní ọjọ́ kẹfà, wákàtí kan àti ààbọ̀; ní ọjọ́ keje, ìṣẹ́jú mọ́kànlá; ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò tan. Mo ti fi wáyà méjì, ṣájà méjì àti fóònù méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń dún jẹ́jẹ́ nígbà tí wáyà bá wà lára rẹ̀, ó sì ń kú nígbà tí mo bá fà á yọ. Ẹ lè rí èyí nínú fídíò. Ẹ sọ pé iná ni ó bà á jẹ́. Ṣájà tí mo lò bá ohun tí ìwé yín béèrè mu, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A kò tú ẹ̀rọ náà, omi kò kàn án, kò sì ṣubú. Mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà, kí ẹ sì wá gbé ọjà yín ní ìnáwó yín. Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó pé, ìyẹn ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àjọ FCCPC, pẹ̀lú lẹ́tà yìí àti èsì yín àkọ́kọ́. Ẹ ṣeun."

Òun náà nìyẹn. Kò tó ojú ewé kan. Fídíò àkọ́kọ́ tí mo yà gùn jù, ẹ̀rọ tí mo fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ kò sì gbà ju mẹgabáìtì 25 lọ. Mo tún òmíràn yà tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú-àáyá lọ: wáyà wà lára, ó dún. Wáyà kúrò, ó kú. Ó rọ̀ mí lọ́rùn nígbà tí mo rí i pé èyí tó.

Àjọ tí mo dárúkọ kì í ṣe ohun ìdẹ́rùbani lásán. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 ni ó dá a sílẹ̀, dípò ìgbìmọ̀ kan tí òfin ìjọba ológun ti gbé kalẹ̀ ní ọdún 1992. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí kò ní àbùkù, tí ó sì lè tọ́jọ́ dé ìwọ̀n tí ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀gbọ́n mi nípa òfin ṣe ìkìlọ̀ kan fún mi: kí n dárúkọ àjọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìparí, láìsí èébú. Ó ní ẹni tí ó bá fi ilé-ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

Ohun kan wà tí n kò kọ sínú lẹ́tà náà, bí ó tilẹ̀ ń jó mi lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún rédíò ṣe sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bátìrì ògbólógbòó, tí a yọ lára ẹ̀rọ mìíràn, ni wọ́n fi sínú sípíkà náà. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ó sì lè jẹ́ pé bátìrì tuntun ni, tí ó ti pẹ́ jù nínú páálí láìrí iná. N kò rí inú rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́, ohun tí mo gbọ́ ni n bá máa fi rojọ́, òǹtajà yóò sì fi ọ̀kan yẹn ṣoṣo da gbogbo ìyókù nù. Ibí ni òwe ti mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yé èmi fúnra mi. Mo ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gàn fún ìròyìn ni. Kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ròyìn pé kí ó mọ ààlà láàárín ohun tí ojú rẹ̀ bá àti ohun tí ọkàn rẹ̀ rò, kí ó sì dúró ní ìhà tí ojú rẹ̀ wà.

Èsì dé ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ̀rọ̀ iná mọ́. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè wá gbé ẹ̀rọ náà. Kí n tó fi í lé wọn lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú, mo ya àwòrán rẹ̀ nínú páálí rẹ̀, mo sì ní kí ẹni tí ó wá gbé e fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún tí mo dá fún wọn, ₦38,500 wọ àpò mi ní báńkì. ₦2,500 tí mo san fún gbígbé e wá kò padà. Mo kọ lẹ́tà kúkúrú kan nípa rẹ̀, wọn kò dáhùn, èmi náà sì jẹ́ kí ó lọ. Títí di òní, n kò mọ ohun tí ó pa bátìrì náà.

Lẹ́yìn èyí, mo lọ sí ọjà, mo dúró níwájú ìsọ̀ kan, mo sì ní kí wọ́n tan sípíkà kí n gbọ́. Mo fi ohùn bàbá ọdẹ dán an wò láàárín ariwo ọjà. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ta ni ó ń sun ìjálá báyìí?" Mo sọ fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́ oríkì ẹfọ̀n dé ìparí.